Lẹbẹ Ẹ̀yìn Nìkan Kò Tó Ẹ̀rí

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí dá lórí àwòrán tí ènìyàn bá yà láti inú ọkọ̀ ojú omi nígbà tí ohun kan bá yọ lójú òkun. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ báyìí, nítorí pé fóònù wà lọ́wọ́ apẹja, ó sì wà lọ́wọ́ èrò inú ọkọ̀. Ohun tó sábà máa ń wà nínú rẹ̀ kò ju omi lọ salalu, pẹ̀lú ohun dúdú onígun mẹ́ta kan tó yọ sókè láàárín omi náà. Kí ó tó pẹ́, wọ́n á ti fi ránṣẹ́ káàkiri. Ẹnìkan á pariwo pé àkurákudà ni, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ekurá. Ẹlòmíràn á ní rárá, dọ́fínì ni, kì í pa ènìyàn lára. Lẹbẹ ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń wò, òun náà ni wọ́n sì fi dájọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni pé lẹbẹ ẹ̀yìn yìí ló hàn jù nínú àwòrán, ṣùgbọ́n òun náà ni ẹ̀rí rẹ̀ kò lágbára tó. Ìrù, ìrìn, àti iye ohun tó yọ lójú omi lẹ́ẹ̀kan náà ló ń tú àṣírí ẹranko. Bí a bá sì ti mọ irú ẹ̀dá tó jẹ́ tán, a kò tíì mọ̀ bóyá ó lè ṣe wá léṣe, nítorí ọ̀tọ̀ ni ìbéèrè yẹn, ọ̀tọ̀ sì ni ìdáhùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹbẹ náà. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé tí lẹbẹ bá tẹ̀ sẹ́yìn bí dòjé, ti dọ́fínì ni, àmọ́ tó bá nà ṣánṣán bí igun mẹ́ta, ti àkurákudà ni. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Lẹbẹ ẹ̀yìn dọ́fínì tí a mọ̀ jù ga díẹ̀, ó sì tẹ̀ sẹ́yìn dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àkurákudà ló wà tí lẹbẹ tiwọn náà tẹ̀ sẹ́yìn. Bákan náà ni dọ́fínì kan wà ní etíkun Áfíríkà ìwọ̀ oòrùn yìí, èyí tó ní iké lẹ́yìn. Lẹbẹ rẹ̀ kúrú, ṣónṣó lẹbẹ náà rí róbótó, ó jókòó sórí iké náà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bí igun mẹ́ta. Ẹni tó bá fi òfin dòjé yìí wo dọ́fínì abiké yóò pè é ní àkurákudà. Yàtọ̀ sí èyí, ìgbì omi lè bo ìdajì lẹbẹ, oòrùn lè wà lẹ́yìn rẹ̀ kí ó sọ ọ́ di òjìji lásán, ẹranko náà sì lè kọ ẹ̀yìn sí ayàwòrán kí lẹbẹ rẹ̀ tín-ín-rín bí ọ̀pá. Ìrísí lẹbẹ máa ń yí padà pẹ̀lú ibi tí a ti ń wò ó. Èyí ni kò fi yẹ kí a gbé ìdájọ́ kalẹ̀ lé e lórí.

Ìrù yàtọ̀. Dọ́fínì kì í ṣe ẹja. Ẹranko tó ń fún ọmọ lọ́mú ni, ẹ̀dọ̀fóró ló sì fi ń mí, ihò imú rẹ̀ wà lókè orí. Ìrù rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó dùbúlẹ̀ bá omi dọ́gba, òkè àti ìsàlẹ̀ ló sì ń jù ú sí nígbà tó bá ń lúwẹ̀ẹ́. Àkurákudà ní tirẹ̀ jẹ́ ẹja, inú omi ló ti ń mí, ìrù rẹ̀ dúró lóòró, ọ̀tún àti òsì ló sì ń jù ú sí. Ohun tí èyí ń fà lójú omi ṣe kedere. Dọ́fínì gbọ́dọ̀ gòkè wá mí. Nítorí náà, orí rẹ̀ á kọ́kọ́ yọ, ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ̀ kọrọdọ, lẹbẹ á tẹ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ á sì rì padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Nígbà mìíràn, a máa ń rí ìkùukùu omi tó tú jáde láti ihò imú rẹ̀. Àkurákudà kò ní ìdí kankan láti gòkè wá mí. Tó bá wà nítòsí ojú omi, lẹbẹ rẹ̀ á máa la omi lọ ní gíga kan náà, láìgòkè láìsọ̀kalẹ̀, ṣónṣó ìrù rẹ̀ sì lè yọ lẹ́yìn lẹbẹ náà. Ṣónṣó kejì tó ń mì sọ́tùn-ún sósì yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ìrù dọ́fínì kò lè dúró lóòró kí ó máa mì bẹ́ẹ̀.

Nítorí pé orí rédíò la wà, ẹ bá mi fi ọkàn ya àwòrán mẹ́ta tí wọ́n yà tẹ̀ léra wọn láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ká ní láti inú ọkọ̀ apẹja kan tó jáde láti Badagry. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, lẹbẹ àwọ̀ eérú kan yọ, lẹ́yìn rẹ̀ ni ṣónṣó kékeré mìíràn wà, omi sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Tó bá jẹ́ pé àwòrán yìí nìkan la ní, ohun mẹ́ta ló lè jẹ́. Ó lè jẹ́ dọ́fínì méjì tó tẹ̀ léra wọn. Ó lè jẹ́ lẹbẹ ẹ̀yìn àkurákudà àti ìrù rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ lẹbẹ ẹ̀yìn méjèèjì tí àkurákudà kan ní, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn ló ní lẹbẹ ẹ̀yìn méjì, kékeré sì ni èkejì sábà máa ń jẹ́. Ẹ wo àwòrán kejì. Àwọn ṣónṣó méjèèjì ṣì wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe jìnnà síra náà ni wọ́n ṣì ṣe jìnnà síra, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn ti tẹ̀ sí apá òsì. Nínú àwòrán kẹta, lẹbẹ iwájú kò tíì kúrò ní bó ṣe ga tẹ́lẹ̀, ti ẹ̀yìn sì ti tẹ̀ sí apá ọ̀tún.

Ẹ jẹ́ ká yọ wọ́n kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ dọ́fínì méjì ni, olúkúlùkù á máa yọ ní àkókò tirẹ̀, á sì rì ní àkókò tirẹ̀. Kò ní ṣeé ṣe kí àyè àárín wọn dúró gbọn-in bẹ́ẹ̀, a ó sì rí ẹ̀yìn tó tẹ̀ kọrọdọ nínú ọ̀kan nínú àwọn àwòrán náà. Dọ́fínì ti jáde nìyẹn. Tó bá sì jẹ́ lẹbẹ ẹ̀yìn kejì ni, kì í mì tó bẹ́ẹ̀, nítorí ara ló lẹ̀ mọ́, ara kì í sì í fì bí ìrù ṣe ń fì. Ohun tó kù ni ìrù tó dúró lóòró. Àkurákudà ni. Ẹ kíyè sí i pé a kò tíì bi lẹbẹ iwájú ní ìbéèrè kankan nípa bó ṣe rí, bẹ́ẹ̀ la sì ti dé ìdí ọ̀rọ̀. Ẹ tún kíyè sí i pé àwòrán kan ṣoṣo kì bá tí gbé wa débẹ̀. Èyí ló fà á tí ẹni tó yà á léraléra láìdúró, tàbí tó gbà á sílẹ̀ bí fídíò fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, fi ní ẹ̀rí ju ẹni tó fi sùúrù ya ẹyọ kan tó dán gbinrin.

Irú kẹta tó máa ń da ènìyàn láàmú ni àwọn ẹja pẹlẹbẹ, àwọn tí apá wọn fẹ̀ bí ìyẹ́. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní máńtà, lè fẹ̀ tó mítà méje láti ṣónṣó apá kan dé èkejì. Nígbà tó bá ń jẹun nítòsí ojú omi, ṣónṣó apá rẹ̀ méjèèjì á máa yọ lójú omi lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á ká lórí díẹ̀, wọ́n á sì wọlé padà. Ọ̀pọ̀ ló ti rí èyí tí wọ́n sì búra pé àkurákudà méjì ló ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ rọrùn. Ṣónṣó àkurákudà kan máa ń tẹ̀ léra wọn ní ìlà ni, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ti máńtà wà ní ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́. Wọ́n jọ ń gòkè, wọ́n jọ ń sọ̀kalẹ̀, nítorí ara kan náà ló so wọ́n pọ̀, bí apá bá sì ká, abẹ́ rẹ̀ tó sábà máa ń funfun á hàn. Àkurákudà méjì tó ń rìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kò lè bára wọn dọ́gba bẹ́ẹ̀ láti àwòrán kan dé òmíràn. Tí omi bá mọ́, a tún lè rí ohun méjì tó yọ bí ìwo níwájú orí rẹ̀, èyí tó fi ń darí oúnjẹ sí ẹnu.

Ọ̀rọ̀ títóbi ni ibi tí àwòrán ti ń tan ènìyàn jù. Bí kámẹ́rà bá fa ohun tó jìnnà mọ́ra, ó máa ń fún àyè àárín nǹkan pọ̀, débi pé ẹja tó wà lọ́nà jíjìn á dà bí ẹni tó fẹ́ gun ọkọ̀. Omi náà máa ń jẹ́ kí ohun tó wà nísàlẹ̀ dà bí ẹni pé ó sún mọ́ òkè ju bó ṣe wà lọ. Nítorí náà, bí kò bá sí ohun tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ nínú àwòrán náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mítà márùn-ún ni. Ohun tí a lè fi wọn nǹkan ni etí ọkọ̀, àjẹ̀, tàbí igi léfòó àwọ̀n, tó bá wà nítòsí ẹranko náà gan-an. Tí lẹbẹ ẹ̀yìn àti ìrù bá jọ yọ, àyè àárín àwọn méjèèjì lé díẹ̀ ní ìdajì gígùn àkurákudà náà, nítorí pé orí àti àyà rẹ̀ ṣì wà níwájú lábẹ́ omi. Èyí ṣeé fojú bù bí a bá ní ohun tí a lè fi wé e. Bí a kò bá ní, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹnìkan lè wá bi wá pé: ó dára, a ti mọ̀ pé àkurákudà ni, irú wo wá ni? Ìbéèrè náà tọ́, nítorí oríṣiríṣi àkurákudà ló wà láyé, wọ́n lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, àwọn tó ń ṣe ènìyàn léṣe nínú wọn kò sì tó nǹkan. Ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí kan ní ìpínlẹ̀ Fulọ́rídà, ní Amẹ́ríkà, àkójọ ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà tó ń kọ gbogbo ìgbà tí àkurákudà bá bu ènìyàn jẹ sílẹ̀. Iye ìgbà tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní gbogbo àgbáyé ní ọdún 2023, láìka àwọn tí ènìyàn ló kọ́kọ́ fìtínà ẹja náà, jẹ́ 69. Ní ọdún 2024, ó jẹ́ 47. Nínú àkójọ náà, irú mẹ́ta ló sábà máa ń wà nídìí àwọn èyí tó le jù: àkurákudà funfun ńlá, èyí tí wọ́n fi orúkọ ẹkùn pè nítorí ilà ara rẹ̀, àti èyí tí wọ́n fi orúkọ akọ màlúù pè nítorí pé ó ki pọ́pọ́. Àwọn méjì tó gbẹ̀yìn yìí ń gbé nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi tiwa, akọ màlúù yìí sì máa ń wọ inú odò àti ọ̀sà.

Ṣùgbọ́n ibi tí àwòrán láti inú ọkọ̀ ń parí agbára rẹ̀ sí náà nìyí, ó sì yẹ kí a gbà bẹ́ẹ̀. Akọ màlúù yìí ní ọ̀pọ̀ ìbátan tí àwọ̀ wọn jẹ́ eérú, tí lẹbẹ wọn sì jọra. Àwọn onímọ̀ tó mú wọn dání lórí ilẹ̀ gan-an máa ń wo eyín, wọ́n máa ń wò bóyá ẹ̀yìn ní ìlà tó ga láàárín lẹbẹ méjèèjì, kí wọ́n tó dá wọn mọ̀. Nínú omi etíkun wa tó sábà máa ń dàrú, lẹbẹ tó yọ ní mítà ogún sí ọkọ̀ kò lè fi eyín hàn ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ tó sì pe orúkọ kan pàtó ti sọ ohun tí àwòrán kò sọ. Ìdáhùn tó tọ́ ni: àkurákudà ni, a kò mọ irú rẹ̀. Ohun tí èyí sì ń sọ nípa ewu ni pé kí ẹni tó wà nínú omi gòkè sínú ọkọ̀, kí wọ́n má sì da ìfun ẹja sómi níbẹ̀. Kò sọ pé kí a bẹ̀rù nínú ọkọ̀, nítorí àkurákudà kì í wọ ọkọ̀ wá bá ènìyàn.

Àwọn kan wà tí a lè dá mọ̀ dájú láti inú ọkọ̀, inú mi sì dùn pé èyí tó tóbi jù nínú gbogbo ẹja ayé wà lára wọn. Àkurákudà ni, ṣùgbọ́n wọ́n fi orúkọ àbùùbùtán kún tirẹ̀ nítorí títóbi rẹ̀. Ó lè gùn ju mítà méjìlá lọ. Ẹni tó bá wò ó láti òkè á rí ẹ̀yìn dúdú tàbí eérú tí àmì funfun róbótó róbótó kún inú rẹ̀, pẹ̀lú ìlà tó là á kọjá, àti àwọn igun gbọọrọ tó nà láti orí lọ sí ìrù. Orí rẹ̀ fẹ̀, ó tẹ́jú, ẹnu rẹ̀ sì wà ní iwájú gan-an, kò sí lábẹ́ bíi ti àwọn yòókù. Kò sí ẹja mìíràn tó ní gbogbo àmì yìí pọ̀. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín, ẹyin ẹja àti ẹja wẹ́wẹ́ ló ń sẹ́ nínú omi jẹ. Àwọn ọkọ̀ tó ń pẹja túnà ní ẹ̀bá Gàbóǹ máa ń rí i. Àmì funfun ara rẹ̀ kì í jọ ti ẹlòmíràn. Láti ọdún 2005 ni àwọn onímọ̀ ti mú ìṣirò tí àwọn awòràwọ̀ fi ń fi àwòrán ìràwọ̀ wéra, tí wọ́n sì ń fi í dá ẹja yìí mọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti inú àwòrán ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, lẹ́yìn àwọn ihò gbọọrọ márùn-ún tó fi ń mí. Kì í bu ènìyàn jẹ. Síbẹ̀, bí ọkọ̀ bá sáré lé e lórí, ọkọ̀ lè dojú dé, ẹja náà lè fara gbọgbẹ́, ìrù rẹ̀ sì lè gbá ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù nínú omi.

Ìyẹn ló mú wa dé ọ̀rọ̀ ewu gan-an, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹnu nìkan ni ewu ti ń jáde. Ẹja pẹlẹbẹ ló fi hàn jù pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Máńtà, pẹ̀lú gbogbo títóbi rẹ̀, kò ní oró kankan nínú ìrù. Àwọn kékeré tó dùbúlẹ̀ sínú iyanrìn etíkun, tí wọn kò ju ẹní ọmọdé lọ, ló ní ẹ̀gún. Nínú àwòrán tí a yà láti òkè omi tí kò jìn, irú ẹja yìí máa ń hàn bí ohun róbótó tàbí onígun mẹ́rin aláwọ̀ iyanrìn, ojú rẹ̀ méjèèjì wà lókè ẹ̀yìn, kò ní ìwo níwájú orí, ìrù rẹ̀ sì gùn tín-ín-rín bíi pàṣán. Ẹ̀gún náà wà lórí ìrù, ó ní eyín wẹ́wẹ́ bí ayùn, oró sì wà lára rẹ̀. Kì í lé ènìyàn kiri. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tàbí apẹja tó ń tú u kúrò nínú àwọ̀n, ló sábà máa ń gún. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn nínú omi etíkun lè máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ dípò kí ó máa gbé e sókè, kí ẹja náà lè gbọ́ ọ kí ó sì sá lọ.

Bí ó bá gún ènìyàn lẹ́sẹ̀ tàbí lọ́wọ́, omi gbígbóná ni wọ́n fi ń dín ìrora rẹ̀ kù: kí ó gbóná tó bí ara ṣe lè gbà á, kí ó má sì ju ìwọ̀n 45 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì lọ, kí ẹsẹ̀ wà nínú rẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ààbọ̀. Ẹsẹ̀ tí kò dùn ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi tọ́ omi náà wò, nítorí èyí tó ń dùn lè má mọ̀ pé iná ń jó òun. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn ló kàn, torí ẹ̀gún lè kán sínú ẹran, ó sì yẹ kí wọ́n gún abẹ́rẹ́ ìpá. Bí ẹ̀gún bá wọ àyà, ikùn tàbí ọrùn, kí ẹnikẹ́ni má fà á yọ, kí wọ́n gbé onítọ̀hún lọ bó ṣe wà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2006, Steve Irwin tí gbogbo ayé mọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n nítorí ẹranko kú ní Ọsirélíà, nígbà tí ẹ̀gún irú ẹja yìí gún un láyà. Irú ikú bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ̀ pé ẹja tí kò ní eyín tó ń bani lẹ́rù lè ní ohun ìjà níbòmíràn.

Àtakò kan wà tí mo máa ń gbọ́, pé níbi tí dọ́fínì bá wà, àkurákudà kò ní sí níbẹ̀, nítorí náà bí àwòrán bá ti jẹ́ ti dọ́fínì, kí a bẹ́ sómi. Èrò yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀wọ́ ẹja tó fa dọ́fínì wá náà lè fa àkurákudà wá, àwọn àkurákudà ńlá sì máa ń jẹ dọ́fínì. Àpá eyín wọn máa ń wà lára dọ́fínì tó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Dọ́fínì fúnra rẹ̀ kì í sì ṣe ẹran ọ̀sìn. Ní ìpínlẹ̀ São Paulo ní Bràsíìlì, ní ọdún 1994, dọ́fínì kan wà tí wọ́n sọ ní Tião, tó máa ń wá bá àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́. Àwọn ènìyàn gùn ún, wọ́n dì í mú, àwọn kan gbìyànjú láti ki nǹkan bọ ihò imú rẹ̀. Ó ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn léṣe, ọkùnrin kan sì kú nínú wọn. Dọ́fínì kì í wá ènìyàn jẹ, ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n ẹranko tó wúwo ju ènìyàn lọ ni, tó lágbára, tó sì mọ bí a ti ń fi orí kan ohun tó bá ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bí mo bá ní ẹranko kan kì í ṣeni léṣe, ohun tí mo ń sọ ni pé kì í ṣeni léṣe bí a bá fi í sílẹ̀.

Àtakò kejì ti apá kejì wá. Àwọn kan ní gbogbo ìyàtọ̀ yìí kò pọn dandan, kí a ṣáà ka ohunkóhun tó bá yọ lẹbẹ sí ọ̀tá, kí a pa á tàbí kí a lé e, ìyẹn ló dá ààbò ènìyàn lójú jù. Bí ẹ̀mí ènìyàn bá wà nínú omi, èmi náà gbà pé kí a kọ́kọ́ bọ́ sókè kí a tó máa wo àwòrán. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kò sí nínú ewu kankan lọ́wọ́ lẹbẹ tó ń kọjá, ohun tó sì ń pa lè jẹ́ èyí tó ṣẹ́kù díẹ̀ láyé. Dọ́fínì abiké tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wà lára wọn. Láti Sàhárà Ìwọ̀ Oòrùn títí dé Àǹgólà nìkan ló ń gbé, kò sí ní ibòmíràn láyé, omi tí kò jìn sí etíkun ló sì fẹ́ràn, níbi tí àwọ̀n apẹja pọ̀ sí. Iye rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ fojú bù kò tó 3,000, wọ́n sì ti kà á mọ́ àwọn tó wà ní bèbè ìparun pátápátá láti ọdún 2017.

Ìtàn bí ayé ìmọ̀ ṣe kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n tilẹ̀ bá ọ̀rọ̀ wa mu. Ní ọdún 1892, onímọ̀ ará Jámánì kan, Willy Kükenthal, kọ̀wé nípa rẹ̀ láti inú ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti Kamẹrúùnù. Ewé àti koríko ni wọ́n sọ fún un pé ó wà nínú ikùn rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹranko tó ń jẹ ewéko ni. Ẹja ni dọ́fínì yìí ń jẹ. Bí wọ́n ṣe wá lóye rẹ̀ lẹ́yìn náà ni pé ó ṣeé ṣe kí ohun inú ikùn náà jẹ́ ti ẹranko omi mìíràn tó ń jẹ koríko, tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ pé ó wà nínú ikùn yìí ni onímọ̀ náà gbára lé lórí oúnjẹ rẹ̀. Bí ẹ bá wá rí iké gbọọrọ lábẹ́ lẹbẹ kúkúrú nínú àwòrán kan, tí ẹ̀yìn sì tẹ̀ kọrọdọ nínú èyí tó tẹ̀ lé e, àmì méjèèjì pọ̀ ló sọ pé òun ni. Ọ̀kan nínú wọn nìkan kò tó.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin apẹja, ẹ̀yin awakọ̀ ojú omi àti ẹ̀yin èrò: bí nǹkan bá yọ, ẹ dín eré ọkọ̀ kù, ẹ má lé e, ẹ má dá a lọ́nà. Ẹ jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn yín bó bá ṣeé ṣe. Ẹ yà á léraléra, kí etí ọkọ̀ tàbí igi léfòó wà nínú ọ̀kan ó kéré tán. Ẹ má gé àwòrán náà kúrú kí lẹbẹ lè tóbi, nítorí ṣónṣó ẹ̀yìn tí ẹ bá gé dànù ni ẹ̀rí wà. Ẹ kọ ọjọ́, aago àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì pa ojúlówó rẹ̀ mọ́ sínú fóònù, nítorí èyí tó bá ti gba ọwọ́ dé ọwọ́ lórí Wátísáàpù máa ń pàdánù dídán rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ dọ́fínì abiké tàbí ẹja ńlá alámì funfun ni, ẹ mú un lọ sí ilé-iṣẹ́ ìwádìí òkun ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Èkó, tàbí kí ẹ fi í han àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ẹja ní yunifásítì tó bá sún mọ́ yín. Wọ́n nílò rẹ̀, nítorí àkọsílẹ̀ nípa àwọn ẹ̀dá méjèèjì yìí kò pọ̀ rárá ní etíkun tiwa.